Òògùn Tó Ti Kúrò ní Òmù-Àrán Tí Kò Tíì Dé Èsìẹ́

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ òògùn ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé

Nígbà òjò, òògùn ibà lè tán pátápátá ní ilé ìwòsàn kan, kí ó sì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ ní òmíràn, kódà kí ọjọ́ ìlò rẹ̀ máa lọ sópin lórí àtẹ. Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, nítorí náà kò sí ohun tó burú nínú kí ibi tó ní fún ibi tí kò ní. Gbígbé òògùn náà kì í ṣòro. Ọ̀kadà kan tó. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dojú rú, pàápàá tí òpin oṣù bá ká òògùn mọ́ ojú ọ̀nà, tí kò sí ní Òmù-Àrán mọ́, tí kò sì tíì sí ní Èsìẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dé òpin. Iye inú rẹ̀ jẹ́ àfiṣàpèjúwe lásán, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń lọ gan-an nìyẹn.

Òpin oṣù kẹfà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ilé ìwòsàn Òmù-Àrán ní pákẹ́ẹ̀tì òògùn ibà àgbàlagbà 210, èyí tó ní hóró 24 nínú, tí aláìsàn máa fi ọjọ́ mẹ́ta lò. Láàárín oṣù náà, wọ́n fún aláìsàn ní 80. Èsìẹ́ ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú 45, wọ́n sì lo 40. Nígbà tó di ọjọ́ 30, márùn-ún péré ló kù ní Èsìẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́. Òmù-Àrán kó páálí méjì fún wọn lọ́jọ́ náà. Pákẹ́ẹ̀tì 30 ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ó di 60. Òjò ò jẹ́ kí ọ̀kadà lọ, ẹrù kò sì dé Èsìẹ́ àfi ọjọ́ kejì oṣù keje.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30, ibùdó méjèèjì ka òògùn wọn bí àṣà. Òmù-Àrán bá 70 lórí àtẹ. Èsìẹ́ bá 5. Ẹni tó ń ṣàkójọ ìròyìn ní ìjọba ìbílẹ̀ ro ó pọ̀, ó rí 75. Ṣùgbọ́n 255 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, 120 sì ni àwọn aláìsàn gbà, 135 ló yẹ kó kù. Níbo ni 60 wọlé sí? Bí kò bá sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wà lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ olè ló máa kọ́kọ́ sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn.

Nítorí náà, ìròyìn ìparí oṣù gbọ́dọ̀ ní ìlà mẹ́ta: ohun tó wà ní Òmù-Àrán, 70, ohun tó wà ní Èsìẹ́, 5, ohun tó wà lójú ọ̀nà, 60. Òmù-Àrán ni kó kọ ìlà kẹta yìí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ẹrù jáde wà. Èsìẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 60 kan náà máa di 120.

Irú àṣìṣe onílọ́po yìí ṣì tún ń wá láti ọ̀nà míràn. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ Èsìẹ́ gbọ́ lórí fóònù pé "ó ti ń bọ̀", ó sì ti kọ 60 wọlé sínú bínkáàdì. Òmù-Àrán ní tiwọn ní àwọn ò ní yọ ọ́ kúrò nínú káàdì àfi tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti dé. Ìròyìn á wá fi 195 hàn dípò 135. Ìlànà tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí ẹni tó fi ránṣẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tó gbà á kọ ọ́ wọlé lọ́jọ́ tó kà á tán.

Kì í ṣe ìlò

Bínkáàdì ní àyè fún ohun tó wọlé, ohun tó jáde fún aláìsàn, àti àtúnṣe. Òògùn tí a fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn míràn, abẹ́ àtúnṣe ló ń lọ: Òmù-Àrán á kọ −60, Èsìẹ́ á kọ ohun tó dé ọwọ́ wọn pẹ̀lú +. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ sí àyè ohun tó jáde fún aláìsàn, wọ́n ní ó ṣáà ti jáde. Ìṣirò ohun tó kù á bára mu, kò sì sí ẹni tó máa fura, títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ béèrè òògùn tuntun.

Ká ní Òmù-Àrán máa ń lo 80 lóṣooṣù, ní oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ìpíndọ́gba rẹ̀ 80 ni. Bí ilé ìwòsàn bá ń ṣètò òògùn oṣù mẹ́rin sílẹ̀, 320 ni òkè rẹ̀. Ní 70 lọ́wọ́, á béèrè 250. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka 60 mọ́ ìlò oṣù kẹfà, ó di 140, ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta á di 100, òkè á di 400, wọ́n á sì béèrè 330. Pákẹ́ẹ̀tì 80 tí kò sẹ́ni tó máa lò ó á wá sí Òmù-Àrán, níbi tí òògùn ti ń ṣẹ́kù tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn tó ń ṣoore fún ẹlòmíràn fi máa ń di ibi tí òògùn ti ń bàjẹ́ jù, tí kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Èsìẹ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣọ́. Òkè tiwọn ní oṣù mẹ́rin jẹ́ 160. Bí wọ́n bá wo 5 tó wà lórí àtẹ nìkan, wọ́n á béèrè 155. Ṣùgbọ́n 60 wà lójú ọ̀nà, tiwọn ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Èyí tó yẹ kí wọ́n béèrè ni 95. Ẹ rí i pé wọn kò ní ka 60 náà mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀dà mẹ́ta, ìbuwọ́lù mẹ́ta

Fọ́ọ̀mù ìfiránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan á dúró ní Òmù-Àrán nínú fáìlì tí a pè ní "kò tíì dé", méjì yòókù á bá ẹrù lọ. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ òògùn àti ìwọ̀n agbára rẹ̀, iye rẹ̀, nọ́ńbà bááṣì, ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ ń parí, ọjọ́ tó kúrò nílé, orúkọ ẹni tó gbé e. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á buwọ́ lù ú, ẹni tó gbé e náà á buwọ́ lù ú kó tó gùn ún lọ. Bí ọlọ́kadà ò bá mọ ìwé, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á.

Ní ibi iye, ẹ kọ "pákẹ́ẹ̀tì 60", kí ẹ má kọ "2". Ẹni tó kọ 2 ní páálí lọ́kàn. Ẹni tó gbà á lè rò pé pákẹ́ẹ̀tì ni. Bí bínkáàdì bá ń ka pákẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ka pákẹ́ẹ̀tì. Bí bááṣì bá jẹ́ méjì nínú páálí, ìlà méjì ni, nítorí ọjọ́ ìparí wọn lè yàtọ̀, èyí tí yóò kọ́kọ́ parí ni Èsìẹ́ sì máa kọ́kọ́ lò.

Nígbà tí ẹrù dé ní ọjọ́ kejì oṣù keje, wọ́n tú páálí, wọ́n kà á lójú ẹni tó gbé e wá. Pákẹ́ẹ̀tì 58 ló dára. Méjì ti fa omi, bébà rẹ̀ ti yọ́, hóró inú rẹ̀ ti fọ́. Níbí ni ìfẹ́ láti tún nǹkan ṣe ti ń bà á jẹ́. Ẹnì kan á ní kí Òmù-Àrán lọ sọ 60 di 58 nínú káàdì wọn kó lè bára mu. Rárá o. Ọgọ́ta ló kúrò ní Òmù-Àrán, ìyẹn kò sì yí padà. Èsìẹ́ kọ 58 wọlé. Lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ọ́ pé: fi ránṣẹ́ 60, gbà 58, bàjẹ́ lójú ọ̀nà 2. Wọn kò kọ 60 wọlé kí wọ́n tó yọ 2, nítorí ìyẹn á sọ ìbàjẹ́ náà di ti sítọ́ọ̀ Èsìẹ́, tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Méjì tó bàjẹ́ náà kì í ṣe fún sísọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ dì í lọ́tọ̀, kí ọ̀gá ilé ìwòsàn rí i kó tó lọ bá àwọn òògùn míràn tí a fẹ́ dà nù. (Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ omi: ẹ fi ọ̀rá bo páálí kí ẹ tó fi rọ́bà dè é, kí ẹ má sì jẹ́ kó jókòó nínú oòrùn lẹ́yìn ọ̀kadà. Òògùn yìí kò fẹ́ ooru tó ju 30°C lọ.)

Ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà méjèèjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ó dá ọ̀kan padà. Ìgbà tí ẹ̀dà yìí padà dé Òmù-Àrán ni ìwé kúrò nínú fáìlì "kò tíì dé". Pé wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù dára fún ìfọ̀kànbalẹ̀, àmọ́ ìwé gan-an ni aṣàyẹ̀wò máa béèrè.

Owó

Bí òògùn náà bá jẹ́ èyí tí ìjọba fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí owó kankan láàárín yín. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ilé ìwòsàn fi owó yípoyípo rà, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí Òmù-Àrán ti san owó rẹ̀. Iye tí wọ́n rà á gan-an ni kí ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á fún aláìsàn. Èrè kò tíì sí lójú ọ̀nà. Ìgbà tí Èsìẹ́ bá fún aláìsàn ni èrè wà, tiwọn sì ni. Títí Èsìẹ́ fi máa san án, gbèsè ni ní ìwé tiwọn, ẹ̀tọ́ ni ní ìwé Òmù-Àrán, iye kan náà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú ìwé méjèèjì. Fún pákẹ́ẹ̀tì méjì tó bàjẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa sọ ẹni tó máa ru ú. Kí ẹ má yanjú rẹ̀ láàárín ara yín.

Bí ìwé kò bá padà

Kí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ Òmù-Àrán ṣí fáìlì "kò tíì dé" ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan. Ẹrù láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ kò yẹ kó ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Tí ìwé bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ẹ pe Èsìẹ́, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: ṣé ẹrù dé, mélòó ni ẹ kà? Bí ẹrù bá ti dé, tó jẹ́ ìwé ló kù, kí wọ́n fi í ránṣẹ́. Bí ẹrù kò bá dé, ẹ wá ẹni tó buwọ́ lù ú pé òun gbé e, kí ẹ sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Títí tí wọ́n fi máa pinnu, 60 náà wà ní ìlà ojú ọ̀nà nínú ìròyìn. Kì í ṣe ti àtẹ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ parẹ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi ẹrù ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn oṣù. Aláìsàn tí kò ní òògùn kò ní dúró de ìwé, nítorí náà a kò ní kà á léèwọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ṣeé dúró, ẹ dúró.

Bí òògùn bá ń ti Ìrẹ́pọ̀dùn lọ sí Ìfẹ́lódún, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Ìròyìn Ìrẹ́pọ̀dùn á fi hàn pé 60 jáde, ti Ìfẹ́lódún kò ní fi nǹkankan hàn títí ó fi dé, Ìlọrin nìkan sì ni ìṣirò náà ti lè bára mu. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, Òmù-Àrán ló máa kọ ìlà ojú ọ̀nà, kí ó sì fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan kún ìròyìn oṣù rẹ̀.