Búrẹ́dì Kékeré Tó Ń Jẹ Èrè Búrẹ́dì Ńlá

Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà n'Íbàdàn tó ń ta búrẹ́dì ńlá ní ₦1,000. Tí wọ́n bá yọ owó fúláwà, ṣúgà, yíìsì, ọ̀rá àti gáàsì, ₦300 ló ń kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì kékeré ní ₦500, èyí tí ₦120 yóò máa kù lórí rẹ̀. Ó rò pé òun yóò máa ta 5,000 lóṣù: ₦600,000 nìyẹn. Owó ẹ̀rọ tuntun yóò gba ₦200,000 lóṣù. Ó kọ èrè ₦400,000 sínú ìwé, inú rẹ̀ sì dùn.

Kò tíì béèrè ibi tí àwọn tí yóò ra búrẹ́dì kékeré náà ti ń bọ̀. Bí búrẹ́dì ńlá bá tìtorí rẹ̀ dín ní 1,500 lóṣù, èrè ₦450,000 ti lọ. Iṣẹ́ tuntun náà á wá gbé gbèsè ₦50,000 wálé lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ń tà wàrà-wàrà.

Èrè tó sọnù la ń yọ, kì í ṣe gbogbo owó ọjà tó sọnù. Ẹni tó bá yọ ₦1,000 lórí búrẹ́dì ńlá kọ̀ọ̀kan ti ṣèṣirò jù, torí fúláwà tí kò pò kò ná an ní kọ́bọ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ ka owó ilé mọ́ ohun tó dín kù: onílé yóò gba owó rẹ̀ pé.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, òun ni mo sì kà sí jù. Bí ilé búrẹ́dì mìíràn bá ti ń ta búrẹ́dì ₦500 ládùúgbò, àwọn oníbàárà kan yóò ṣáà lọ, yálà ọ̀gá yìí ṣe tirẹ̀ tàbí kò ṣe é. A kò gbọdọ̀ di ẹrù àwọn wọ̀nyẹn lé búrẹ́dì kékeré lórí.

Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n? Kí ó kọ́kọ́ tà á ní àdúgbò kan, kí ó fi àdúgbò mìíràn tí ọjà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ká ní búrẹ́dì ńlá fi 1,500 dín níbi tó ti ta kékeré, ó sì fi 900 dín níbi tí kò tà á. A jẹ́ pé 900 yẹn ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, 600 péré sì ni búrẹ́dì kékeré jẹ. ₦180,000 ni ká yọ. Lẹ́yìn owó ẹ̀rọ, ₦220,000 ló kù, iṣẹ́ náà sì tó ṣe.

Kó má ṣe fi oṣù kìíní dájọ́. Àwọn alátùntà máa ń kó ọjà tuntun pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn aráàlú náà sì máa ń fẹ́ tọ́ ọ wò. Ìwé oṣù kẹta ló yẹ kó yẹ̀ wò.