Ṣé "èṣù" kan náà ni gbogbo "èṣù" inú Bíbélì?

Ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Òru ń bọ Èṣù. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ wá ní kò gbọdọ̀ jẹun nílé màmá náà mọ́, torí Bíbélì pe Èṣù ní ọ̀tá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnì kan náà ni?"

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ajàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì, odidi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n rí tí wọ́n fi kọ "èṣù"?

James Strong ló fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé atọ́ka rẹ̀ ti 1890. Bíbélì King James ló fi ṣe é, nítorí náà ibẹ̀ la máa gbà. Ẹ ṣí áàpù Blue Letter Bible, ẹ lọ sí Mátíù 4:1, ẹ tẹ ẹsẹ náà, kí ẹ sì yan `Interlinear`. Ẹ ó rí `G1228`, diabolos. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà yẹn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà á jáde, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti wáyé.

Ibi 38 ni. King James pè é ní `devil` nínú 35. Ẹ wá ka mẹ́ta tó kù: 1 Tímótì 3:11, 2 Tímótì 3:3 àti Títù 2:3. Èèyàn lásán ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwọn tó ń ba ẹlòmíì lórúkọ jẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbé lọ́wọ́ nìyẹn: afẹ̀sùn-èké-kanni.

Ẹ tún lọ sí Mátíù 9:33. `devil` ni King James kọ síbẹ̀ náà, àmọ́ nọ́ńbà ti yí padà: `G1140`, daimonion, ẹ̀mí tí wọ́n ń lé jáde. Nínú Ìṣe 17:18, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Áténì fi pe òrìṣà àjèjì. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lábẹ́ ìdérí kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹ má kó gbogbo ìtumọ̀ tí ẹ rí dà sínú ẹsẹ kan. Nínú Mátíù 4, olùdánwò fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe aládùúgbò tó ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń yan ìtumọ̀.

Àbúrò mi, ìdáhùn rẹ rèé: diabolos ni ẹsẹ yẹn ń sọ. Àwọn atúmọ̀ ló fi orúkọ Èṣù, ẹni tí àwọn onífá mọ̀ sí agbẹ́bọ, rọ́pò rẹ̀. Ìwé atọ́ka kò lè sọ irú ẹni tí Èṣù màmá jẹ́. Àmọ́ ó fi hàn pé orúkọ tó jọra nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ọ lẹ́kun oúnjẹ màmá, ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ni kí wọ́n mú wá.