Ìkòkò Ọbẹ̀ Kan, Oúnjẹ Mélòó?

Ẹni tó bá se ọbẹ̀ ata sínú ìkòkò lítà mẹ́wàá lè rò pé oúnjẹ oṣù kan ló wà nílẹ̀. Ẹran ló máa ń tan ojú jẹ. Tí wọ́n bá ṣa ẹran kúrò, ọbẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìgbà náà ni wọn yóò tó mọ iye tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń gbé. Ẹran márùndínlógójì ni wọ́n fi se ọbẹ̀. Kí wọ́n tó bù ú, wọ́n rọ omi sínú ìgò lítà kan pẹ̀lú ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀, ó sì gba ṣíbí mẹ́jọ kó tó kún. Bàbá àti ìyá ń jẹ ṣíbí méjì-méjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ẹyọ kan. Méje nìyẹn, ẹ̀kẹjọ wà fún ẹni tó bá tọrọ sí i. Oúnjẹ alẹ́ kan fún gbogbo ilé jẹ́ lítà kan.

Wọ́n kọ́kọ́ pín ẹran, márùn-ún sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá da ẹran àti ọbẹ̀ pọ̀ bù máa ń rí i pé omi ata nìkan ló kù fún abọ́ ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu ṣíbí mẹ́jọ lé ẹran lórí. Abọ́ méje ló jáde. Wọ́n jẹ ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́fà wọ fírísà. Tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbé wọn.

Abọ́ lítà kan ààbọ̀ ni wọ́n lò. Omi máa ń fẹ̀ bó bá ń dì, nítorí náà abọ́ tó kún dẹ́nu lè sán tàbí kí ìdérí rẹ̀ ṣí.

Ọbẹ̀ tó gbóná nínú ìkòkò jíjìn kì í tètè tutù láàárín, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Wọ́n gbé àwọn abọ́ náà sínú omi tútù nínú báàfù, wọ́n ń rò ó díẹ̀díẹ̀, kí wákàtí méjì tó pé ó ti wọ fírísà. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n sè é àti nọ́ńbà sára ìdérí, láti ọ̀kan dé mẹ́fà.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, fírísà tó kún tí ẹnikẹ́ni ò ṣí lè di òtútù mú fún bíi ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan. Ẹni tí kò sí nílé lè fi ife omi tó ti dì síbẹ̀, kó gbé owó kọ́ìnì lé e lórí. Bó bá dé tó rí i pé kọ́ìnì náà ti rì sí ìsàlẹ̀ ife, ọbẹ̀ náà ti yọ́ kó tó tún dì, kò sì yẹ kó jẹ ẹ́ mọ́.