Ènìyàn mélòó ló tó fún ìwọ̀n ìṣáájú àti ìwọ̀n ẹ̀yìn?

Ká ní dókítà kan fẹ́ mọ̀ bóyá dídín iyọ̀ kù ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Yóò wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ẹni tí tirẹ̀ ga níṣàájú bá ṣì ń ga ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn náà, ìwọ̀n méjèèjì bára tan gidi nìyẹn. Ìbátan yìí là ń pè ní r.

n = 7.85 × 2 × s² × (1 − r) ÷ d²

s ni bí ìfúnpá ṣe yàtọ̀ tó láti ẹnì kan sí èkejì, ká fi í sí 15. d ni ìyípadà tí a fẹ́ rí, ká fi í sí 5. 7.85 ń fún wa ní àǹfààní 80 nínú 100 láti rí i. Bí r bá jẹ́ 0.8, ènìyàn 29 tó. Bó bá jẹ́ 0.5, ó di 71.

Nítorí náà, ibi tí a ti mú r ṣe pàtàkì gan-an. Ìwọ̀n tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sábà máa ń bára tan ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá yá r ọlọ́sẹ̀ kan lò yóò kó ènìyàn tí kò tó jọ.