Sítáàkì Tó Ń Rántí Ibi Tí Géèmù Dé

Ọdẹ kan ń rìn kiri ìlú nínú géèmù. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, àpótí ọ̀rọ̀ sì yọ nísàlẹ̀ ojú fóònù: “Mú ọ̀bẹ rẹ tó kán wá kí n wò ó.” Ẹni tó ń gbá géèmù náà ṣí àpò ọdẹ láti wá ọ̀bẹ. Kó tó yàn án, wọ́n pè é láti ìta, ó sì tẹ bọ́tìnì ìdádúró. Ohun mẹ́rin ló ti ṣí sílẹ̀ báyìí: ìlú, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, àpò àti ìdádúró. Bó bá padà dé tó tún bọ́tìnì yẹn tẹ̀, inú àpò ló yẹ kó bá ara rẹ̀, lórí ọ̀bẹ tó ti ń wò, kì í ṣe láàárín ìlú.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń fi “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” ṣe é: `paused` fún ìdádúró, `inventoryOpen` fún àpò, `talking` fún ọ̀rọ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà 8 ni wọ́n lè gbà wà pọ̀. Kí ọdẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, kóòdù gbọ́dọ̀ bi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé wọn kò mọ ẹni tó ṣáájú. Wọ́n lè sọ pé àpò àti ọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀, wọn kò lè sọ èyí tó gun orí èkejì.

Sítáàkì mọ̀ ọ́n. Bí àwo tí a tò lé ara wọn ló rí: èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ gbé kúrò. Ìlú ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ lé e, àpò lé ọ̀rọ̀, ìdádúró wá wà lókè. Tí a bá gbé ìdádúró kúrò, àpò ló kù lókè, bí a ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Ìdádúró kò tilẹ̀ nílò láti mọ ohun tó wà lábẹ́ òun, ìdí nìyẹn tí a fi lè lò ó níbikíbi nínú géèmù. Robert Nystrom ṣàlàyé irú ọgbọ́n yìí nínú ìwé rẹ̀, Game Programming Patterns, tó jáde ní 2014.

Nínú èdè Lua, gbogbo iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ:

```lua
function update(dt)
  stack[#stack]:update(dt)
end

function draw()
  for i = 1, #stack do
    stack[i]:draw()
  end
end
```

Èyí tó wà lókè nìkan ló ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì ń gbọ́ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn la ń yà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nítorí náà ni ọfà tí ọdẹ ta fi dúró lójú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn àpótí ọ̀rọ̀: a ṣì ń rí i, kò kàn lọ mọ́ ni. Tí a bá fẹ́ kí odò máa ṣàn nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń sọ̀rọ̀, kí ipò ọ̀rọ̀ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má gba bọ́tìnì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí bọ́tìnì kan ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gbá a tẹ bọ́tìnì láti pa ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn dé. Kóòdù gbé ọ̀rọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, ìlú di òkè, ó bá bọ́tìnì kan náà ní títẹ̀, ọdẹ sì tún kí alágbẹ̀dẹ. A ó mọ̀ ọ́n nítorí pé àpótí ọ̀rọ̀ á pa dé, á tún ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní tán láé. Ohun méjì ló ń wò ó sàn. Kí sítáàkì kọ ìbéèrè gbígbé kúrò sílẹ̀, kó má sì ṣe é títí iṣẹ́ àwòrán yẹn yóò fi parí. Kí ipò kọ̀ọ̀kan sì máa wo bọ́tìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe èyí tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀.

Èkejì kì í tètè hàn. Láti ojú ìdádúró, a yan “padà sí ìbẹ̀rẹ̀”, kóòdù sì gbé ojú ìbẹ̀rẹ̀ lé gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Ìlú àtijọ́ ṣì wà lábẹ́, ó ń gba àyè nínú fóònù, òmíràn á tún gorí rẹ̀ nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iye `#stack` sí igun ojú fóònù nígbà tí ẹ bá ń dán an wò. Bó bá ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ kó gbogbo sítáàkì dànù ná, kí ẹ tó gbé ojú ìbẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

Ohun kan wà tí sítáàkì kò lè dá dúró: aago fóònù fúnra rẹ̀. Tí májèlé inú ara ọdẹ bá ń ka ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú `os.time()`, á máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí géèmù dúró, ọdẹ sì lè kú kété tí a bá padà dé. Inú `update` ìlú ni kí a ti máa kà á, pẹ̀lú `dt`, nítorí ìgbà tí ìlú bá wà lókè nìkan ni kíkà yẹn ń lọ.