Àgbẹ̀ Tó Ń Ka Ọjọ́ Nígbà Tí Òjò Pẹ́ Dé

Ọjọ́ tí hóró àgbàdo bá rí omi tó tó nínú ilẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sínú ebè. Nítorí náà, bí òjò bá pẹ́, gbogbo kíkà ọjọ́ tí àgbẹ̀ ti ṣe láti ìgbà ẹ̀rùn yóò dojú rú. Ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, àárín ìparí oṣù Kẹta sí àárín oṣù Kẹrin ni àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń retí àkọ́rọ̀ òjò. Òjò yóò máa rọ̀ títí wọ oṣù Keje, yóò sinmi díẹ̀ láti ìparí oṣù Keje lọ sínú oṣù Kẹjọ, yóò sì padà wá ní oṣù Kẹsàn-án kó tó wábi gbà. Ohun tó ń kó àgbẹ̀ sí wàhálà ni pé òjò lè pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ìsinmi oṣù Kẹjọ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ìgbà tó máa ń dé náà ló máa ń dé.

Ká mú àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, tó ní hẹ́kítà kan tó ti kọ ebè rẹ̀ sílẹ̀ de òjò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, òjò ńlá kan rọ̀ lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo oko ń rùn bí ilẹ̀ tútù, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti gbé irúgbìn lọ sóko. Òun fi ọkọ́ gbẹ́ ebè kan wò. Bí omi bá ti wọlẹ̀ tó gígùn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, tí ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ náà sì dì pọ̀ nígbà tí a fún un, irúgbìn lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan láìsí òjò mìíràn. Níhìn-ín, orí ebè nìkan ló tutù. Ìsàlẹ̀ ṣì ń fọ́n bí eérú. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà kó máa wo àwọn yòókù níran. Ó gbin ìdá kan nínú mẹ́ta oko rẹ̀, ó sì fi ìdá méjì yòókù sílẹ̀.

Àgbàdo yẹn yọ ní ọjọ́ kẹfà, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, ewé á ká jọ bí ẹní. Ìyẹn nìkan kò tíì burú, nítorí bí àgbàdo ṣe ń dáàbò bo omi ara rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ kùtù ni kí àgbẹ̀ wò ó. Bí ewé bá ti là kí oòrùn tó yọ, ohun ọ̀gbìn ṣì ń mí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ewé ṣì ká jọ, gbòǹgbò kò rí nǹkan fà mọ́ nìyẹn.

Ewé gbígbẹ kò sì túmọ̀ sí pé àgbàdo ti kú. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ibi tí ewé tuntun ti ń hù wà lábẹ́ ilẹ̀, tí oòrùn kò dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, àgbẹ̀ náà fa mẹ́rin tu láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi ọ̀bẹ la ìdí wọn sí méjì. Bí àárín bá funfun tó sì le, kí ó ní sùúrù. Tirẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, ó sì rọ̀. Hẹ́kítà àgbàdo kan máa ń gba nǹkan bíi kílò 20 irúgbìn. Kílò bíi 7 ló bá òjò ẹ̀tàn náà lọ.

Òjò tòótọ́ dé ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Nígbà yìí ni ìpinnu tó le jù lọ wá délẹ̀: irúgbìn wo ni kí ó gbìn? Èyí tó wà nílé rẹ̀ jẹ́ àgbàdo ọlọ́jọ́ 110. Ní ọdún tí òjò bá tètè dé, òun ló dára jù, torí ó máa ń so ju àwọn tó ń yá lọ. Ká ní ó rí gbìn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ni, yóò ti yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, yóò sì ti gbó kí oṣù Keje tó parí.

Ọjọ́ irun yìí ni gbogbo kíkà náà dá lé. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lórí àgbàdo ló máa ń da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré. Òwú irun kọ̀ọ̀kan tó jáde lẹ́nu ọmọ àgbàdo sì so mọ́ ojú hóró kan. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá bà lé lórí, hóró tirẹ̀ kò ní sí. Bí ọ̀dá bá mú àgbàdo lásìkò yìí, ìrùkẹ̀rẹ̀ á jáde lásìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n irun á pẹ́. Nígbà tí irun bá fi máa dé, lẹ́búlẹ́bú ti tán. Ibi tí ṣúkù tó ní hóró méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ti ń wá nìyẹn, láàárín oko tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú irun títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àgbàdo kò gbọdọ̀ pàdánù omi.

Àgbẹ̀ náà wá ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Bí ó bá gbin ọlọ́jọ́ 110 ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, irun yóò yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e yóò parí ní ọjọ́ 20, hóró yóò sì máa kún nínú ìsinmi òjò títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ. Hóró irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ máa ń fúyẹ́, orí ṣúkù a sì ṣófo. Ọlọ́jọ́ 90 yóò yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, òjò yóò ṣì wà fún un títí di àárín oṣù Keje, yóò sì gbó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn láti 1967 wà lára àwọn tó ti ṣe irú àgbàdo tó ń tètè gbó báyìí. Ó ra ọlọ́jọ́ 90, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò ní so tó ti ilé rẹ̀ ní ọdún tó dára.

Àwọn àgbàlagbà kì í wo kàlẹ́ńdà láti ka irú ọjọ́ báyìí. Ọjà ni wọ́n fi ń kà á. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, nítorí Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjọ́ ọjà ni wọ́n gbin àgbàdo náà, ọjà kẹtàlélógún lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kejìléláàádọ́rùn-ún, ó sì súnmọ́ ọjọ́ ìkórè pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó fẹ́ ta á ní tútù kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bí ogúnjọ́ lẹ́yìn irun ló ti di sísè àti sísun.

Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò irúgbìn kì í ṣe òfin. Ojú ọjọ́ tó dúdú lemọ́lemọ́ lè fi ọjọ́ mélòó kan kún un. Àmì tó dájú wà lára hóró fúnra rẹ̀. Kí àgbẹ̀ yọ hóró láti àárín ṣúkù, kí ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ṣúkù. Bí ibẹ̀ bá ti dúdú, oúnjẹ kò wọ inú hóró mọ́, ó ti gbó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi inú rẹ̀ ṣì pọ̀ ju ohun tí a lè kó sínú àká lọ.

Àgbẹ̀ náà rí àmì dúdú yìí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Òjò ti sinmi, oòrùn sì wà láti sá àgbàdo. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó o kúrò lóko, ó sì ti gbin ẹ̀wà sórí ilẹ̀ kan náà de òjò oṣù Kẹsàn-án. Ká ní ọlọ́jọ́ 110 ló gbìn ni, àgbàdo ni yóò ṣì wà lórí ilẹ̀ náà.