"Married With" Tàbí "Married To": Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì Wò

Bí obìnrin kan bá ní "I am married with him", gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ó ti lọ́kọ, wọ́n sì mọ ọkọ náà. Bí òbí bá fi ọmọ rẹ̀ yangàn pé "she is good in maths", ó yé gbogbo ènìyàn pé ọmọ náà mọ ìṣirò. Ohun tó jẹ́ kí irú àṣìṣe yìí pẹ́ lẹ́nu wa nìyẹn: kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń dá olúwarẹ̀ dúró. Ìgbà tó bá dé inú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tàbí inú àròkọ ìdánwò WAEC ni wọ́n máa ń fi bírò pupa fà á.

Èdè wa wà nínú ohun tó ń fà á. A máa ń sọ pé a wà nílé, a wà ní Ìbàdàn, a ó pàdé ní ọjọ́ Ajé, "ní" kan ṣoṣo ló sì ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta: "at home", "in Ibadan", "on Monday". Ẹni tó ń rò ó lọ́kàn pé ọmọ òun dáńtọ́ nínú ìṣirò, "in" ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni tó sì ń rò ó pé òun bá ọkùnrin náà ṣe ìgbéyàwó, "with" ló máa wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè wa nìkan. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀, tí wọ́n fi Faransé kàwé ní Bẹ̀nẹ̀, lè ṣe àṣìṣe kan náà láti ọ̀nà mìíràn, nítorí pé "mariée avec lui" àti "bonne en maths" ni Faransé ń sọ, "avec" yẹn sì ni "with". Ní Brazil, "casada com" ni. Ní Kúbà, "casada con". Láàárín gbogbo wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló dá yàtọ̀ tó mú "to". Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti wá ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ni èdè fi ẹnu kò lé lórí ni, yíyẹ̀ ẹ́ wò la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nínú yíyẹ̀wò náà ni pé wọ́n ń lọ wo "with" tàbí "in" nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ojú ìwé yẹn á gùn, kò sì ní dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló ń yan ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí yóò tẹ̀ lé e, nítorí náà "married" àti "good" ni ká ṣí. A. S. Hornby, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ síbẹ̀ ní 1942, tí Oxford sì gbé jáde ní 1948. Àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àjèjì ló ṣe é fún, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wo "married" nínú ẹ̀dà rẹ̀ tòní, ẹ ó rí "to somebody". Bí ẹ bá wo "good", ẹ ó rí "at something". Ẹ ó sì tún rí i pé "marry" fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ atọ́kùn rárá: "she married him", gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé ó fẹ́ ẹ. Ìgbà tó bá di "is married" tàbí "got married" ni "to" ń wọlé.

Àwọn tí kò ní ìwé náà nítòsí máa ń sáré lọ sórí Google, wọ́n á ka iye tó bá jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bí ẹ bá tẹ "married with" síbẹ̀, àbájáde á pọ̀ yanturu, nítorí pé "married with two children" tọ̀nà: ó túmọ̀ sí pé olúwarẹ̀ ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ méjì. Kódà, eré kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti 1987 sí 1997 tó ń jẹ́ "Married... with Children". "With" ti inú gbólóhùn yẹn kò tọ́ka sí ọkọ tàbí aya; àwọn ọmọ ló ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá wá fi "him" kún un, ẹ lè rí àwọn ojú ewé tó ń ṣàlàyé pé gbólóhùn náà kò dára, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n mọ́ ẹ̀rí tó gbè é.

Ibi tó dára ju ìyẹn lọ ni english-corpora.org, iṣẹ́ onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Mark Davies. Àkójọ ọ̀rọ̀ tó ti inú ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu jáde ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá sí i lára. COCA, ti Amẹ́ríkà, lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀, láti 1990 sí 2019. BNC, ti Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bírítéènì, jẹ́ mílíọ̀nù 100. Ìràwọ̀ kékeré la máa ń fi dípò ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀:

```
married * him
good * maths
```

Ẹ̀rọ náà á to gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí àyè ìràwọ̀ yẹn, èyí tó pọ̀ jù lókè. Nínú ti àkọ́kọ́, "to" ló ń borí. Fún ti èkejì, ẹ lo BNC, nítorí pé "math" tí kò ní "s" làwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ. Ẹ tẹ ìlà náà, kí ẹ ka àwọn gbólóhùn fúnra wọn. Kíkà yẹn ṣe pàtàkì ju iye lọ. Ẹni tó bá wá "good in" lásán á rí "good in a crisis", èyí tó ń sọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà wàhálà, á sì rí "she looks good in red", èyí tó ń sọ aṣọ. Kò sí èyí tó gbè "good in maths" nínú wọn.

Òótọ́ ni pé a máa ń rí "good in math" lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan, pàápàá tí wọ́n bá ní ìṣirò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ilé ìwé lọ́kàn. N kò ní pe ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ ní aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti Bírítéènì ni wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé wa, "good at" sì ni ìwé atúmọ̀ èdè fi sí iwájú, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ.

Ohun kan wà tí àkójọ ọ̀rọ̀ kò lè ṣe. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "My sister is married with a teacher, and she is good in maths and good at children." Méjì àkọ́kọ́, a ti mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹta ni kí a dúró lé. "Good with children" ni fún ẹni tó mọ ọmọ í tọ́jú. "Good to children" ni fún ẹni tó ń ṣàánú ọmọ. "Good for children" ni fún ohun tó ń ṣe ọmọ lóore, bíi wàrà. Gbogbo wọn ló tọ̀nà, gbogbo wọn ló sì wà nínú COCA, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ gbólóhùn nìkan ló mọ èyí tó ní lọ́kàn. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá mọ ọmọ í tọ́jú, ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé ni "My sister is married to a teacher, and she is good at maths and good with children."

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ẹ bá ń fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tuntun kọ sínú ìwé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọ "married" nìkan tàbí "good" nìkan. Kó kọ "married to" àti "good at", kó sì kọ gbólóhùn kan tó pé sí abẹ́ wọn.